Sísá Ni Oúnjẹ Ìfòyà: Bí Yíyẹra Ṣe Ń Fún Un Lágbára àti Bí Ìfojúkojú Díẹ̀díẹ̀ Ṣe Ń Yí I Padà

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ kan kúrò ní ibùdó Stockwell, ó sì dúró gbọin nínú ihò kí ó tó dé Vauxhall. Àwọn ènìyàn há gádígádí sínú rẹ̀, ooru sì mú. Obìnrin ẹni ọdún 41 kan, tí ó ń lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ nítòsí ibùdó Warren Street, ṣàkíyèsí pé àyà òun ń lù kìkì. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òógùn bò ó, ó sì dà bí ẹni pé afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ náà kò tó o mí mọ́. Ohun kan ṣoṣo ni ó wá sí i lọ́kàn: "Ibí yìí ni mo máa kú sí." Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 4, ọkọ̀ náà tún gbéra. Bí ó ti dé Vauxhall, obìnrin náà já bọ́ sílẹ̀, ó sì sáré jáde sí ìta gbangba. Kí ó tó jókòó dáadáa, ara rẹ̀ ti ń rọlẹ̀. Nígbà tí ó dé ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ ọkàn rẹ̀ wò, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọn kò sì rí àrùn kankan.

Obìnrin yìí kì í ṣe ẹnì kan pàtó. A kó ìtàn rẹ̀ jọ láti inú irú ohun tí àwọn olùtọ́jú ìfòyà máa ń bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́ wọn, kí ó lè rọrùn láti tọpasẹ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i nínú ihò ni ìpayà òjijì. Ìpayà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń dé góńgó rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú bíi 10, lẹ́yìn èyí ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ń dẹ́rù bani gidigidi, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kì í pa ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni irú rẹ̀ ti ṣe lẹ́ẹ̀kan péré, tí wọ́n sì ti gbàgbé rẹ̀. Nítorí náà, ìpayà ọjọ́ Ajé yẹn kọ́ ni ohun tí ó yẹ kí a ṣe àlàyé rẹ̀ jù. Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni.

Ní ọjọ́ kejì, ó wọ bọ́ọ̀sì. Ìrìn àjò tí kì í ju bí ìṣẹ́jú 15 lọ lábẹ́ ilẹ̀ láti Brixton wá di ìrìn àjò bíi wákàtí kan, pẹ̀lú bọ́ọ̀sì méjì, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan péré ni òun yóò fi sinmi. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà pé, ó dé ẹnu ọ̀nà ibùdó Brixton, ó rí àtẹ̀gùn tí ń gbé àwọn ènìyàn lọ sí ìsàlẹ̀, àyà rẹ̀ já, ó sì yí padà. Ìtura tí ó bá a bí ó ti yí ẹ̀yìn padà dùn ju ti ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú lọ. Láàárín oṣù mẹ́ta, kò lè wọ ẹ̀rọ agbénirókè ní ibi iṣẹ́ mọ́, nítorí pé òun náà jẹ́ àpótí tí ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó kúrò ní àyè tí ó ti ń jókòó láti ọdún pípẹ́, ó lọ sí ìlà ẹ̀yìn pátápátá lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Bọ́ọ̀sì pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í nira fún un nígbà tí ó bá kún.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí ń gbé ní Walthamstow, wá bímọ. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ibùdó tí ó kẹ́yìn lójú ọ̀nà ọkọ̀ Victoria kan náà tí ó bẹ̀rẹ̀ láti Brixton. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, àbúrò náà pè é lórí fóònù: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti ń bọ̀? Àwọn àgbà ti dé, ẹ̀yin là ń retí." Ó dáhùn pé ara òun kò yá. Kò parọ́, ṣùgbọ́n kò sọ òtítọ́ tán.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Òwe náà ṣe àpèjúwe tí ó pé nípa bí ìbẹ̀rù ṣe ń ràn láti ara ohun kan sí ara ohun tí ó jọ ọ́: láti ara ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ sí ẹ̀rọ agbénirókè, láti ibẹ̀ sí àárín èrò. Ohun tí òwe náà kò sọ ni ohun tí sísá yẹn ń ṣe sí ẹni tí ó sá. Ibẹ̀ sì ni ìdí ọ̀rọ̀ wà.

Ní ọdún 1947, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà kan, O. Hobart Mowrer, ṣe àlàyé pé ẹ̀kọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ń gbé irú ìbẹ̀rù báyìí ró. Ẹ̀kọ́ kìíní ni èyí tí ó so nǹkan méjì pọ̀. Ohun kan tí kò ní ewu nínú, bí ihò ọkọ̀ ojú irin, ṣe kòńgẹ́ ohun tí ó dẹ́rù bani, bí ìpayà òjijì. Láti ìgbà náà lọ, bí a bá ti rí ọ̀kan, ara a máa retí èkejì. Ẹ̀kọ́ kejì ni ti èrè. Nígbà tí ẹni tí ẹ̀rù ń bà bá yí padà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rù náà a lọ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lílọ sílẹ̀ yẹn jẹ́ èrè, ohunkóhun tí ó bá sì mú èrè wá ni ènìyàn yóò tún ṣe. Ọmọdé tí a fún ní súìtì nígbà tí ó sunkún lónìí yóò sunkún lọ́la. Bákan náà ni ẹni tí ìtura bá pàdé nígbà tí ó sá yóò tún sá.

Èrè yìí ní agbára ju bí a ti lè rò lọ, nítorí pé kì í pẹ́ dé. Obìnrin yẹn kò tíì rìn ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ kúrò lẹ́nu ọ̀nà Brixton tí àyà rẹ̀ fi balẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí sísá náà ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í tètè hàn: wákàtí kan nínú bọ́ọ̀sì lónìí, òmíràn lọ́la, ìsọmọlórúkọ kan ní oṣù kẹta. Ìṣirò ọpọlọ kò gbọ́n tó láti kó gbogbo ìwọ̀nyí jọ kí ó sì fi wọ́n ṣe òdiwọ̀n pẹ̀lú ìtura ìṣẹ́jú kan. Èyí tí ó wà nítòsí ni ó ń kà.

Àwọn ajá kan fi ohun mìíràn hàn nípa èyí, ó sì jẹ́ ohun tí ó ṣòro láti gbàgbé. Ní ọdún 1953, Richard Solomon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Harvard kọ̀wé nípa ìwádìí tí wọ́n ṣe pẹ̀lú àpótí ńlá oníyàrá méjì tí odi kékeré kan pín níyà. Bí iná tí ó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí yàrá tí ajá wà bá ti kú, ìṣẹ́jú-àáyá 10 ni ó kù kí ilẹ̀ yàrá náà fi iná mànàmáná ta á. Kò pẹ́ tí àwọn ajá náà fi mọ̀ pé bí iná bá ti kú, kí àwọn fò sí yàrá kejì. Lẹ́yìn náà ni àwọn olùwádìí pa iná mànàmáná ilẹ̀ yẹn pátápátá. Ewu ti tán, síbẹ̀ àwọn ajá náà kò jáwọ́ fífò. Àwọn mìíràn fò ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láìjẹ́ pé ohunkóhun ta wọ́n. Kàkà kí fífò náà rẹ̀ wọ́n, ṣe ni ó ń yá sí i. Wọn kò sì dà bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà mọ́: wọ́n ń fò wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. (Ìwádìí òde òní kò ní gba irú ìyà bẹ́ẹ̀ láàyè fún ajá, bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ kí ó rí.)

Ajá tí ó bá fò kò lè mọ̀ láéláé pé iná ti kúrò nílẹ̀. Láti mọ̀ ọ́n, àfi kí ó dúró. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí obìnrin Brixton gan-an nìyí. Ní ọkàn rẹ̀, ìtumọ̀ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Vauxhall ni pé, "Ká ní mi ò tètè sọ̀ kalẹ̀ ni, ǹ bá ti kú." Kò sí ohun tí ó lè ta ko gbólóhùn yìí, nítorí pé ó sọ̀ kalẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ó bá yí padà lẹ́nu ọ̀nà, ṣe ni ó tún ń fi kún ìwé ẹ̀rí pé òun mórí bọ́ lọ́wọ́ ikú. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó ti mórí bọ́ ní bí 60 ìgbà lọ́wọ́ ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé ìbẹ̀rù tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú 4 wá tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Ara pàápàá tún ń bá a jẹ́rìí èké. David Clark, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àlàyé rẹ̀ ní ọdún 1986 pé ẹni tí ìpayà ń ṣe máa ń ka ohun tí kò lèwu nínú ara rẹ̀ sí àmì àjálù. Àyà tí ó lù kíákíá di àìsàn ọkàn. Òòyì di dídákú. Ìtumọ̀ yẹn ń dá ẹ̀rù sílẹ̀, ẹ̀rù ń mú kí àyà túbọ̀ lù, lílù náà sì wá dà bí ẹ̀rí tuntun. Ẹni tí ó bá ń ṣọ́ àyà rẹ̀ láti àárọ̀ kò sì lè ṣàìgbọ́ nǹkan kan.

Kì í ṣe gbogbo sísá ni a fi ń kúrò níbi tí a wà. Èyí ni apá tí àwọn tí ó gbìyànjú láti dá tọ́jú ara wọn máa ń kọsẹ̀ lé jù lọ. Ní ọdún 1991, Paul Salkovskis pe àfiyèsí sí àwọn ìwà kéékèèké tí ènìyàn fi ń dáàbò bo ara rẹ̀ nígbà tí ó dà bí ẹni pé ó ń kojú ìbẹ̀rù. A lè pè wọ́n ní ọ̀pá ìtilẹ̀. Ẹnì kan wọ ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni ó dúró sí. Ó di ìgò omi mú. Ó ń tẹ fóònù láìgbé ojú sókè. Ó mú ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn. Bí kò bá sí àjálù, èyí tí yóò gba ọpẹ́ ni ìgò omi, kì í ṣe ọkọ̀. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi lè wọ ọkọ̀ náà fún ọdún kan gbáko kí ìbẹ̀rù rẹ̀ má sì dín.

Báwo wá ni a ṣe ń mú ajá dúró nínú yàrá? Ìdáhùn àkọ́kọ́ tí a kọ sílẹ̀ pẹ̀lú ìṣọ́ra wá láti ọwọ́ Mary Cover Jones ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1924. Ọmọkùnrin kan tí ó tó ọmọ ọdún mẹ́ta, tí ìwé náà pè ní Peter, ń bẹ̀rù ehoro, àti eku, àti aṣọ onírun, àti òwú pàápàá. Jones kò gbé ehoro lé e lẹ́sẹ̀. Ó gbé e wọlé nínú àgò, ní ọ̀nà jíjìn, nígbà tí ọmọ náà wà nínú ohun tí ó dùn mọ́ ọn. Nígbà tí ọmọ náà lè fara da ehoro tí ó wà ní ẹsẹ̀ bàtà 12 sí i, ó sún un mọ́ ẹsẹ̀ bàtà 4. Lẹ́yìn náà ó mú un sún mọ́ ọn sí i. Lẹ́yìn náà ó tú u sílẹ̀ nínú yàrá. Ní ìgbẹ̀yìn, Peter jẹ́ kí ehoro náà máa fi ẹnu họ ìka òun. Láàárín iṣẹ́ náà, àìsàn gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn fún bí oṣù méjì, ajá ńlá kan sì kọlù ú ní ọ̀nà ilé. Nígbà tí ó padà dé, ìbẹ̀rù rẹ̀ ti padà sí ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Jones tún bẹ̀rẹ̀, ó sì ṣe àṣeyọrí. Ó yẹ kí a fi ìpadàsẹ́yìn yẹn sọ́kàn, nítorí pé ọ̀rọ̀ yóò padà kàn án.

Fún ìgbà pípẹ́, àlàyé tí a ń ṣe nípa irú ìtọ́jú yìí ni pé ìbẹ̀rù ń rẹ̀ ẹ́, ó sì ń kú. Iṣẹ́ Mark Bouton lórí àwọn ẹranko, àti ti Michelle Craske lórí ènìyàn, ti yí àlàyé yẹn padà. Ẹ̀kọ́ àtijọ́ kì í parẹ́. "Ihò túmọ̀ sí ikú" ṣì wà nínú ọpọlọ. Ohun tí ìfojúkojú ń ṣe ni pé ó ń kọ ẹ̀kọ́ kejì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: "Mo wà nínú ihò, n kò sì kú." Àwọn méjèèjì yóò wá máa bá ara wọn du ipò. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì lẹ́yìn ìgbìyànjú kọ̀ọ̀kan kì í ṣe "Ǹjẹ́ ẹ̀rù dín kù?" bí kò ṣe "Kí ni mo retí, kí ni ó sì ṣẹlẹ̀?" Bí àlàfo tí ó wà láàárín ìdáhùn méjèèjì bá ti tóbi tó ni ẹ̀kọ́ tuntun náà ṣe ń lágbára tó.

Iṣẹ́ tí obìnrin yẹn àti olùtọ́jú rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé kan àti bírò. (Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ènìyàn lè fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún irú ìtọ́jú yìí lábẹ́ ètò ìlera ìjọba, láìjẹ́ pé dókítà rán an.) Wọ́n kọ gbogbo ohun tí ó ń sá fún sílẹ̀, wọ́n sì fi òǹkà láti 0 dé 100 díwọ̀n ẹ̀rù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò mú wá. Kí ó dúró lókè ní ibùdó Brixton fún ìṣẹ́jú 10 lọ́sàn-án gba 25. Kí ó sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí, kí ó sì jẹ́ kí ọkọ̀ mẹ́rin kọjá, gba 40. Brixton ni ọ̀nà náà ti bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ a sì máa dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Nítorí náà, wọ́n fi ìpele kan sí i tí àwọn mìíràn kì í ní: kí ó wọlé, kí ó jókòó, kí ó sì jáde kí ilẹ̀kùn tó tì. Ìyẹn gba 50. Kí ó dá nìkan lọ sí Stockwell, ibùdó kan péré, gba 60. Lílọ sí Victoria, ibùdó mẹ́rin, tí yóò la ibi tí ọkọ̀ ti dúró yẹn kọjá, gba 75. Lílọ sí ibi iṣẹ́ ní aago 8 òwúrọ̀ gba 85. Walthamstow, ibùdó 15 láti Brixton, gbogbo rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀, gba 95.

Kí ó tó ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ní láti kọ àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kí àsọtẹ́lẹ̀ náà sì jẹ́ ohun tí a lè rí bóyá ó ṣẹ tàbí kò ṣẹ. "Yóò burú" kò tó. Fún ti Stockwell, ó kọ ọ́ pé: "Máa dákú kí ọkọ̀ tó débẹ̀, àwọn ènìyàn á sì máa wò mí." Ó fi 80 nínú 100 sí i bí ó ṣe dá a lójú tó. Ó wọ ọkọ̀, àyà rẹ̀ lù, orókún rẹ̀ gbọ̀n, ó dé Stockwell ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Kò dákú. Ọkùnrin kan ń ka ìwé ìròyìn. Kò wò ó rárá. Ó padà sí Brixton, ó tún lọ. Nígbà tí ó fi lọ ní ẹ̀ẹ̀kẹrin lọ́jọ́ náà, ìdánilójú pé òun yóò dákú ti wá sí 30. Ẹ̀rù rẹ̀ ṣì wà ní 50. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò ka 50 yẹn sí àṣetì. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó yí padà ni ohun tí ó retí, ẹ̀rù a sì máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọjọ́ púpọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, iṣẹ́ náà dúró sójú kan. Ó ti lọ sí Victoria ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, ṣùgbọ́n òǹkà rẹ̀ kò kúrò ní 70. Olùtọ́jú bi í léèrè pé kí ni ó ń ṣe gan-an nínú ọkọ̀. Ó jẹ́wọ́ pé ọmọbìnrin òun, ẹni ọdún 17, máa ń bá òun lọ. Ọmọ náà ti ní ọkàn tí ó dára; òun ni ó sọ pé, "Mọ́mì, mo máa bá yín lọ, ẹ fara balẹ̀." Obìnrin náà sì máa ń ka àwọn ibùdó mọ́ ìka, ó sì ń mú omi ní ìbùdó kọ̀ọ̀kan. Ọmọ, ìka àti omi ni ó ń gba ọpẹ́. Wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ nílé lákọ̀ọ́kọ́. Ní ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n fi ìgò omi sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kúrò lẹ́bàá ilẹ̀kùn lọ sí àárín ọkọ̀, ó sì gbé ojú sókè. Ẹ̀rù náà fò sókè sí 85 ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ti wá sí 45. Àmì tí a fi ń dá ọ̀pá ìtilẹ̀ mọ̀ nìyí: ìgbìyànjú pọ̀, ọjọ́ ń lọ, òǹkà kò sún.

Ní ọjọ́ kan, ìpayà gbé e ní Pimlico, ó sì bọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀rù wà ní góńgó. Bí ó bá ti gba ilé lọ láti ibẹ̀, ìtura ilé ni ì bá jẹ́ èrè rẹ̀, ìtàn Vauxhall ì bá sì tún ṣẹ. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ìsàlẹ̀ níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi 10, kò gun òkè, ó sì wọ ọkọ̀ mìíràn lọ sí Victoria. Bíbọ́ sílẹ̀ kì í ba iṣẹ́ jẹ́ bí a bá padà wọlé ní ọjọ́ kan náà.

Ó yẹ kí ìpele náà le tó láti mú àsọtẹ́lẹ̀ kan wá. Èyí tí kò bá mú ẹ̀rù kankan wá kò kọ́ni ní ohunkóhun. Èyí tí ó bá ga tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi sá ní gbogbo ìgbà ń fún sísá lówó. Ìgbà díẹ̀díẹ̀ kì í sì í ṣe ìgbà kọ̀ọ̀kan lóṣù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tàbí ẹ̀ẹ̀márùn-ún lọ́sẹ̀ ni obìnrin yìí ṣe é. Ẹni tí ó bá ń dúró di ọjọ́ tí ara rẹ̀ yóò yá kí ó tó lọ ti tún rí ọ̀nà mìíràn láti sá.

Ọ̀nà yìí ní ààlà, ó sì ṣe kókó kí a mọ̀ ọ́n. Ohun tí a ń kojú gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí kò léwu ní ti gidi. Kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó fi díẹ̀díẹ̀ kọ́ láti gbé pẹ̀lú ọkọ tí ń lù ú. Àyà tí ń dunni tàbí èémí tí ń dí, tí a kò tíì yẹ̀ wò, dókítà ni ó kọ́kọ́ ni ín. Ẹni tí ẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ tàbí abẹ́rẹ́ ń bà yàtọ̀ sí àwọn yòókù: ẹ̀jẹ̀ rírú tirẹ̀ a máa já wálẹ̀ lójijì, ó sì lè dákú ní tòótọ́, nítorí náà a máa ń kọ́ ọ láti mú iṣan ẹsẹ̀, apá àti ara rẹ̀ le gírígírí nígbà tí ó bá ń kojú rẹ̀. Ẹni tí ìfìpábánilò tàbí ogun bá ti ṣe léṣe kò yẹ kí ó dá a ṣe láìsí olùtọ́jú. Oògùn amárarọ̀ tí a gbé mì kí a tó wọ ọkọ̀ sì lè di ọ̀pá ìtilẹ̀ tí ó lágbára jù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ń lò ó pẹ́ kò gbọ́dọ̀ já a sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìbá dókítà sọ̀rọ̀, nítorí pé jíjá a bẹ́ẹ̀ léwu.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìpadàsẹ́yìn tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ Jones. Nítorí pé ẹ̀kọ́ àtijọ́ kì í parẹ́, ó lè jí nígbà tí àkókò bá gùn tàbí tí àyíká bá yí padà. Ẹ̀kọ́ tuntun a máa so mọ́ ibi tí a ti kọ́ ọ: ẹni tí ó bá ti kọ́ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ lọ́sàn-án nìkan, nígbà tí kò sí èrò, lè rí i pé ti alẹ́ tún jẹ́ nǹkan mìíràn. Nítorí èyí, olùtọ́jú náà ní kí ó pààrọ̀ àsìkò àti ibi: kí ó wọ̀ ọ́ ní òwúrọ̀, ní alẹ́, ní ọjọ́ òjò, lójú ọ̀nà mìíràn, nígbà tí ó bá ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní kí ó wọ ẹ̀rọ agbénirókè ibi iṣẹ́ pẹ̀lú, kí ó sì padà sí àyè rẹ̀ àtijọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ó lọ sí Nàìjíríà fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí ó sì padà dé, ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Brixton gba 60. A ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀. Ó tún lọ sí Stockwell ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ kẹta, òǹkà náà ti wá sí 30.

Ọmọ àbúrò rẹ̀ ti ń rìn nígbà tí ó wọ ọkọ̀ lọ sí Walthamstow. Láàárín Finsbury Park àti Seven Sisters, ọkọ̀ náà dúró nínú ihò. Àyà rẹ̀ lù. Ó mú ìwé kékeré rẹ̀ jáde, ó kọ àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀, ó wo aago, ó sì kọ 55 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú 3 ni ọkọ̀ náà fi dúró. Nígbà tí ó gbéra, ó kọ 35. Àbúrò rẹ̀ ń dúró dè é lókè pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀. Ṣé ọ̀nà dára?" Ó ní ọkọ̀ dúró díẹ̀.